Ọmọrógùn lọ́wọ́ Màmá

Bí àgbàlagbà bá gbàgbé ibi tó gbé kọ́kọ́rọ́ sí, tó sì padà rántí, ọjọ́ orí ni. Ṣùgbọ́n lánàá, Màmá, tó ti ń ro àmàlà láti ìgbà ọmọge rẹ̀, dúró ti omi tó ń hó, ó gbé ọmọrógùn sókè, ó sì bi mí pé kí ni à ń fi igi yìí ṣe. Láti bí oṣù mẹ́fà ló ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí kan, tí kò mọ̀ pé òun ti béèrè rí. Èyí ló dùn mí jù. Dókítà ní kí a kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí àìtó fítámìn B12 náà lè ba iyè jẹ́, ìyẹn sì ní ìtọ́jú.