Wọ́n Ní Kí N Tẹ̀ka, Mo Ní Kí Wọ́n Fún Mi Ní Bírò

Ẹ bá mi yin Olúwa! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ránṣọ lọ́dọ̀ mi n'Ìpẹru, wọ́n sọ fún yín pé mo rìnrìn àjò. Irọ́ ni. Ilé àdúrà kan ni mo wà fún oṣù mẹ́rin, pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ òsì. Torí àpá yẹn ni mo ṣe wọ ìbọ̀sẹ̀ nínú oòrùn yìí. Ohùn ni mò ń gbọ́ nígbà náà, mi ò sì lè sùn.

Àǹtí mi ló wá tú mi sílẹ̀. A gba Ṣágámù lọ sí Arò, l'Abẹ́òkúta. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní halopẹridọ́ọ̀lù. Lọ́jọ́ kejì, ọrùn mi lọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú mi yí sókè, ahọ́n mi le bí igi. Àwọn ẹbí tó wá kí mi ní, "Ẹ ò rí i? Ayé ló ń bá a jà, ẹ jẹ́ ká gbé e padà!" Ọpẹ́lọpẹ́ Àǹtí tó sáré pe nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní abẹ́rẹ́ yẹn ló fà á, ó máa ń ṣe àwọn kan bẹ́ẹ̀, pàápàá láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Wọ́n fún mi ní oògùn kan, Átéènì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọrùn mi ti padà sípò, dókítà sì dín ìwọ̀n abẹ́rẹ́ náà kù. Ká ní wọ́n gbé mi lọ lọ́jọ́ yẹn ni, ìdí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni mi ò bá tún wà.

Mo délé tán, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Bàbá wa bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fẹ́ tà á. Bọ̀ọ̀dá mi ní àwọn máa bá mi fọwọ́ sí i, pé orí mi ò tíì pé. (Orí mi pé tó láti rán aṣọ ìdílé ogún, àbí?) Lọ́yà ní àìsàn ọpọlọ nìkan kò tó láti gba ẹ̀tọ́ ọwọ́ ẹni, pé òfin wèrè ayé òyìnbó ti 1916 ti kúrò nílẹ̀, wọ́n ti buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun lóṣù kìíní 2023. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà yé èèyàn.

Mo bá lọ bá dókítà mi. Wọ́n bi mí: ilẹ̀ wo ni? Ta ló ń rà á, èló? Bó ò bá fọwọ́ sí i ńkọ́? A sọ̀rọ̀ míì díẹ̀, wọ́n tún ní kí n tún gbogbo rẹ̀ sọ. Mo sọ ọ́. Mo ní mi ò ní fọwọ́ sí i àfi tí wọ́n bá kọ ìpín mi sílẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọ lẹ́tà fún mi.

Lọ́jọ́ náà, Bọ̀ọ̀dá ti gbé tàdáwà síwájú mi, pé kí n tẹ̀ka. Mo ní bírò ni mo fẹ́. Mo kọ orúkọ mi ní kíkún, àti ti Bàbá wa.

Ìkọ́kọrẹ́ ọpẹ́ wà lẹ́yìn sọ́ọ̀ṣì. Bọ̀ọ̀dá náà ti wà níbẹ̀, wọ́n ń bu tiwọn.