Kí ẹ tó ra oògùn kejì fún adìyẹ yín

Gbogbo ẹni tó ń sin adìyẹ ní Lálúpọn, Ẹgbẹ́dá tàbí Mọ́níyà ló mọ ìwé pélébé tí àwọn tó ń ta ọmọ adìyẹ máa ń fi lé wa lọ́wọ́. Ìwé náà á ní ká fún wọn ní àǹtíbáyótíìkì láti ọjọ́ kìíní títí di ọjọ́ karùn-ún, ká tún fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ká tún fún wọn ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, yálà wọ́n ṣàìsàn tàbí ara wọn le. Látìgbà tí mo ti ń bá àwọn ará oko tọ́jú adìyẹ nílẹ̀ Ìbàdàn, ohun tí mo rí kọ́ ni pé irú ètò bẹ́ẹ̀ ló ń sọ oògùn di omi lásán lójú àìsàn. Ní ọdún 2017, àjọ ìlera àgbáyé gba àwọn àgbẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n yé fún ẹran tí ara rẹ̀ le ní àǹtíbáyótíìkì, ì báà jẹ́ torí kó lè tètè tóbi tàbí torí kó má baà ṣàìsàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Àlhájà kan ní Lálúpọn. Ó ní 600 adìyẹ tó ń tọ́ kí wọ́n lè máa yé, wọ́n sì ti pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mẹ́ta kọ́kọ́ kú lójúmọ́, ó di mẹ́jọ, ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ti lo tẹtirasáíkílìn, kò ràn án. Ó lo ẹnrofulọ́kísásìn, ikú dín kù fún ọjọ́ méjì, ó tún gbérí. Nígbà tí mo dé, ó ti ń po ẹ̀kẹta.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àlhájà, ẹ dá a dúró ná. Ẹ jẹ́ ká la èyí tó kú láàárọ̀ yìí wò."

Ó ní, "Ọmọ mi, oògùn ni mo ń wá o, òkú adìyẹ kọ́."

Ó gbà ṣá. A wọ ìbọ̀wọ́, a bo imú, a la mẹ́ta. Nǹkan funfun kan tó dà bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ọkàn àti ẹ̀dọ̀ wọn, àwọn àpò tí atẹ́gùn ń gbà nínú ara wọn sì ti ṣú. Ẹ̀jẹ̀ kò sí nínú ìfun, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ọrùn rẹ̀ lọ́ tàbí tó ń yàgbẹ́ aláwọ̀ ewé, tí à bá fi máa fura sí Níúkásù. Gbogbo rẹ̀ tọ́ka sí bakitéríà tí wọ́n ń pè ní Íkólì. (Bí adìyẹ bá ń kú lójijì lọ́pọ̀ rẹpẹtẹ, tí ogbe orí wọn wú tó sì dúdú, ẹ má là wọ́n o. Ẹ pe dókítà ẹran kíá, torí ó lè jẹ́ àìsàn tó ń ràn èèyàn.)

Mo wá bi í bó ṣe lo àwọn oògùn yẹn. Ó ní wọ́n wọ́n, nítorí náà ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára páálí lòun ń pò, òun sì dá a dúró nígbà tí ikú dín kù. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí oògùn kò bá tó, tàbí tí kò bá pé ọjọ́, àwọn bakitéríà tí kò lágbára ló máa pa. Àwọn tó lè fara dà á á ṣẹ́ kù, wọ́n á sì máa bí sí i. Níbi tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn, Íkólì lè di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Èyí tó burú jù ni pé wọ́n lè fi agbára náà ta ara wọn lọ́rẹ, kódà fún irú bakitéríà mìíràn. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà kéde pé àwọn rí irú agbára bẹ́ẹ̀ lára Íkólì ẹlẹ́dẹ̀, lára ẹran tí wọ́n ń tà, àti lára àwọn aláìsàn ní ọsibítù. Kólísítìn ni oògùn tí kò rí wọn mú yẹn, bẹ́ẹ̀ ó wà lára èyí tí dókítà máa ń fi pa mọ́ fún ìgbà tí gbogbo oògùn yòókù bá ti kùnà.

A gbé adìyẹ méjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kú sínú kúlà oníyìnyín, a gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn. Yìnyín ni kí wọ́n wà lórí rẹ̀ o, kí wọ́n má dì gbagidi. Wọ́n á gbin bakitéríà náà sínú àwo, wọ́n á to bébà róbótó-róbótó tí oògùn wà lára rẹ̀ sórí rẹ̀. Oògùn tó bá ṣiṣẹ́, ojú ibẹ̀ á mọ́ róró yí bébà rẹ̀ ká. Èyí tí kò bá ṣiṣẹ́, bakitéríà á hù kan bébà rẹ̀. Nígbà tí èsì jáde lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, bakitéríà ti hù dé ìdí tẹtirasáíkílìn àti ẹnrofulọ́kísásìn. Méjì péré nínú gbogbo oògùn tí wọ́n dán wò ló ṣiṣẹ́. Dókítà mú ọ̀kan, ó bá wa ṣírò ìwọ̀n rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn adìyẹ náà ṣe wúwo tó, ó sì ní ká lò ó pé.

Ikú dúró. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ibẹ̀ la fi mọ, á padà wá, torí Íkólì kì í ṣàdédé wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Nǹkan ló ń ṣílẹ̀kùn fún un.

Mo ní kí Àlhájà bẹ̀rẹ̀ bá mi nínú ilé adìyẹ, kí imú wa sún mọ́ ilẹ̀ níbi tí adìyẹ ti ń mí. Ojú wa ta lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ẹ bá wà lóòró, ẹ lè má gbọ́ òórùn yẹn rárá. Òórùn ìtọ̀ kíkan yìí máa ń ba ọ̀nà ọ̀fun adìyẹ jẹ́, bakitéríà á sì gbabẹ̀ wọlé. Mo bu ìyẹ̀fun pákó tó wà nílẹ̀ ní ẹ̀kúnwọ́, mo fún un, ó di mọ́ra bí ẹ̀bà. Èyí tó dáa, tí ẹ bá fún un tí ẹ sì lawọ́, á tú ká. A kó ibi tó tutù dà nù, a da gbígbẹ sí i, a gé tapólì tó bo fèrèsé kù, a sì tún ìmumi tó ń jò ṣe.

Ó wá ku omi. Kànga ni wọ́n ti ń fà á, inú táńkì sì ń yọ̀ kọ̀rọ̀. Bakitéríà máa ń fara pamọ́ sínú ohun tó ń yọ̀ yẹn. A fọ̀ ọ́, a fọ páìpù. Látìgbà náà, 100 mílílítà búlíìṣì tí kò ní lọ́fínńdà, irú èyí tí wọ́n kọ 3.5% sí lára, ni wọ́n ń dà sí 1,000 lítà omi, wọ́n á dúró fún 30 ìṣẹ́jú kí adìyẹ tó mu ún. Bí omi bá dọ̀tí, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó tòrò, torí ìdọ̀tí máa ń gba agbára búlíìṣì. Bí ẹ bá sì fẹ́ fún wọn ní àjẹsára inú omi, bíi ti Gọ́mbórò tàbí Níúkásù, ẹ má fi búlíìṣì sómi láti ọjọ́ tó ṣáájú títí di ọjọ́ kejì rẹ̀, torí ó máa pa àjẹsára náà. Ẹ má fo àjẹsára wọ̀nyí o: fáírọ́ọ̀sì ló ń fa àìsàn méjèèjì, kò sì sí àǹtíbáyótíìkì tó ń pa fáírọ́ọ̀sì.

Àwọn kan máa ń bi mí nípa ewúro àti aáyù. Mi ò ní kẹ́ ẹ má lò wọ́n, àmọ́ bí adìyẹ bá ti ń kú, ẹ má fi wọ́n jókòó kí ẹ máa retí pé yóò dúró.

Fún adìyẹ tó ti ń yé, ẹ wo iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí oògùn pé kí ẹ fi dúró kí ẹ tó ta ẹyin. Bí wọn ò bá kọ ọ́, ẹ bi dókítà kí ẹ tó pò ó. Ẹyin inú ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹ sin ín sílẹ̀. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má sì gbé e lọ sí Bódìjà.