Èrè mi nìkan ni mo ń tà láwìn báyìí

Àdìrẹ ni mo ń tà ní Abẹ́òkúta, orí Wáàsáàpù sì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà mi wà. Nígbà tí àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọjà púpọ̀, mo kàn yọ ẹgbẹ̀rún kan náírà kúrò lórí 10,000 tí mo ń ta ọ̀pá márùn-ún, mo pè é ní owó alágbàtà. Obìnrin kan láti Ìbàdàn ló là mí lójú. Ó ní, “Àǹtí, 10,000 lẹ gbé e sí lórí sítétọ́ọ̀sì yín. Èló lẹ wá fẹ́ kí èmi tà á? Àwọn oníbàárà mi náà ń wò yín o.”

Mo jókòó ṣírò. Aṣọ funfun, aró, kọ́sítíìkì, owó aláró, ọ̀rá tí a fi ń dì í: 6,500 ni ọ̀kan ń ná mi. Mo fi owó alágbàtà tó bá mú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí 8,000, mo sì gbé owó ẹyọ sí 11,000, kí wọ́n lè tà ní 10,500 kí wọ́n sì jèrè. Owó alágbàtà ò gun sítétọ́ọ̀sì mi mọ́. Ẹni tó bá ya fọ́tò ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ránṣẹ́ ni mo ń sọ ọ́ fún.

Àwìn ló wá jẹ mí níyà. Oníbàárà kan l'Ékòó, tó ti rà lẹ́ẹ̀mejì tó sì sanwó lójú ẹsẹ̀, ní kí n kó 20 fún òun, kí òun san ìdajì. Owó rẹ̀ jẹ́ 160,000. Ó fi 80,000 ránṣẹ́, ó ní ọ̀sẹ̀ méjì ni òun á fi san ìyókù. Bí alẹ́ẹ̀tì ṣe dún, inú mi dùn. Àmọ́ 130,000 ni ogún aṣọ yẹn ná mi, torí náà 50,000 nínú owó òwò mi ló bá wọn lọ. Oṣù méjì kọjá. “Ọ̀la ni mà á san án” di àmì búlúù méjì láìsí èsì. Ìgbà tó máa fi san, aṣọ funfun ti gbówó lórí; owó tó yẹ kó ra mẹ́wàá, mẹ́jọ ló rà.

Látìgbà náà, ẹni tó bá ń ra ọjà ìkíní àti ìkejì á san gbogbo rẹ̀. Láti ẹ̀kẹta, owó tí ọjà ná mi gbọ́dọ̀ wọlé kí n tó gbé e lọ sí páàkì. Èrè mi nìkan ló lè dúró, ọ̀sẹ̀ méjì péré. Lórí 20, ìyẹn jẹ́ 30,000. Tó bá sá lọ, mo ṣe iṣẹ́ òfo, àmọ́ mo ṣì lè pa aṣọ mìíràn láró. Mo máa ń kọ iye àti ọjọ́ ránṣẹ́, mi ò ní di ẹrù títí ẹni náà á fi dáhùn pé “bẹ́ẹ̀ ni”. Ẹni tó bá fẹ́ kó àwìn tó ju ọjà tó ti rà rí lọ ń bà mí lẹ́rù. Tí ọjọ́ bá sì pé láìsí owó, ohun tí mo ń kọ́kọ́ béèrè ni iye aṣọ tó kù nílẹ̀, torí aṣọ tí wọn ò tíì gé, mo lè gbà á padà.

Oníbàárà Èkó yẹn ṣì ń rà. Ó kùn títí lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ó sì san gbogbo owó tí ọjà náà ná mi. Mo gbé ẹrù rẹ̀ lọ sí páàkì.