Ẹ wo àṣẹ́kù kí ẹ tó pín

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń múra ìdánwò, mo ti yẹ iṣẹ́ yín wò, ọ̀pọ̀ yín ló sì kọ 13 síbi tí mo ti ń retí 52. Ẹ mọ bí a ṣe ń mọ nọ́ńbà tí 3, 4 tàbí 9 lè pín, nítorí náà n kò ní padà sórí ìyẹn.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́: ẹ ka ìbéèrè náà tán. Ohun tó ń béèrè ni pé nọ́ńbà wo ló tóbi jù tí a lè fi pín 65, 117 àti 221, tí àṣẹ́kù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò jẹ́ iye kan náà.

Wọ́n bi mí ní irú rẹ̀ gan-an nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, nígbà tí wọ́n ń yan ẹni tí yóò ṣojú iléèwé wa níbi ìdíje. Mo kọ 52. Tíṣà fa igi lé e, ó ní 13 ni, nítorí 13 pín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán. Òótọ́ ni pé ó pín wọn tán. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí ó pín wọn tán? Kí àṣẹ́kù bára mu ni wọ́n wí. Mo gbé ìwé mi tọ̀ ọ́ lọ, ó ní kí n lọ jókòó. Ẹlòmíràn ni wọ́n mú lọ. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní, torí iṣẹ́ tí mo ṣe kò ju ìlà mélòó kan lọ, kò sì sí ẹni tó kà á.

Bí nọ́ńbà méjì bá ní àṣẹ́kù kan náà, tí a yọ kékeré kúrò nínú ńlá, àṣẹ́kù yẹn á bá a lọ, ohun tó bá kù á ṣeé pín tán. 117 yọ 65 kúrò, ó ku 52. 221 yọ 117 kúrò, ó ku 104. 104 jẹ́ ìlọ́po méjì 52, nítorí náà kò sí olùpín àwọn méjèèjì tó ju 52 lọ. Ẹ dán an wò: 52 wọ inú 65 lẹ́ẹ̀kan, ó ku 13. Ó wọ inú 117 lẹ́ẹ̀mejì, ó ku 13. Ó wọ inú 221 lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ku 13. Àṣẹ́kù gan-an ni 13 tí ẹ ń kọ!

Nígbà mìíràn, wọ́n á sọ iye àṣẹ́kù fún yín: nọ́ńbà tó tóbi jù tó pín 125 tó ku 5, tó sì pín 93 tó ku 3. Ẹ kọ́kọ́ yọ àṣẹ́kù, ó di 120 àti 90. Olùpín wọn kò lè ju ìyàtọ̀ àárín wọn lọ, ìyẹn 30, 30 sì pín méjèèjì. Ó parí.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní 31 tó ku 7 àti 29 tó ku 11 ńkọ́? Ó di 24 àti 18, èyí tó ń fún wa ní 6. Ẹni tó bá ń kánjú á kọ 6. Báwo ni 6 ṣe máa pín nǹkan kí 7 ṣẹ́kù? Àṣẹ́kù gbọ́dọ̀ kéré sí olùpín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ sí i.