Igba wo ni wọ́n ń béèrè?

Ní Ṣágámù níbí lánàá, ọmọ mi gbé ìwé ìdánwò Yorùbá rẹ̀ délé, ojú rẹ̀ kò dáa rárá. Ìbéèrè kan ni wọ́n fagi lé:

"Igba tumo si: (A) okun ti a fi n gun ope (B) akoko (C) 200 (D) ohun ti a fi n bu omi."

A ló mú, torí igbà ni bàbá mi fi ń gun ọ̀pẹ, ojú rẹ̀ ló sì ṣe.

Mo ní kó fi dò, re, mí pè é. Igbà, re dò: okùn. Ìgbà, dò dò: àkókò. Igba, re re: 200. Igbá, re mí: ti omi. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló tọ̀nà!

Mo lọ bá olùkọ́ wọn láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní, "Màmá, C ni, torí kò sí àmì lórí rẹ̀." Lóòótọ́, a kì í fi àmì sórí ohùn àárín. Ṣùgbọ́n ẹ wo "tumo", ẹ wo "ope": kò sí àmì ohùn, kò sí àmì ìsàlẹ̀ lábẹ́ lẹ́tà kankan. Nígbà tí gbogbo ìwé wà níhòòhò, báwo lọmọ yóò ṣe mọ̀ pé ohùn àárín ni ti igba? Ká ní "Igba túmọ̀ sí" ni wọ́n tẹ̀ ni, mi ò ní janpata.

Wọ́n wò ó títí, wọ́n mú báírò, wọ́n dá máàkì náà padà fún un. Wọ́n láwọn máa fọwọ́ fi àmì sí tọ́dún tó ń bọ̀ kí wọ́n tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀.