Dídi y mú kì í ṣe pípa y rẹ́

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ páṣíà dẹrífétífù, ìyẹn wíwá bí f ṣe ń yára yí padà nígbà tí x nìkan tàbí y nìkan bá ń yí, àṣìṣe kan ṣoṣo ló ń jẹ máàkì mi. Wọ́n ní ká di y mú nígbà tí a bá ń wá ti x. Wọ́n ní kí n dì í mú, èmi ń pa á rẹ́.

Iṣẹ́ tó là mí lójú nìyí: f(x, y) = x²y + 5y, ní ojú (2, 3). Mo kọ 2x, mo fi 2 sí ipò x, mo rí 4. Olùkọ́ mi wò ó, ó ní: “Sún x síwájú díẹ̀, má fọwọ́ kan y, kí o wá wo bí f ṣe yí padà.” Ní (2, 3), f jẹ́ 27. Ní (2.01, 3), ó di 27.1203. Ó fi 0.1203 lé sí i. Mo fi ìṣísẹ̀ 0.01 pín in, ó fún mi ní 12.03. Ibo ni 4 ti wá nígbà náà?

Ka f sí gíga òkè kan. Bí y bá dúró sí 3, ńṣe lo fi ọ̀bẹ la òkè náà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, ìlà tó sì hàn lójú ọgbẹ́ náà ni 3x² + 15. 3 tó wà níwájú x² yẹn, y ni. Kò lọ síbì kankan, òun ló mú kí ìlà náà ga kíákíá. 15 ní tirẹ̀ kàn gbé gbogbo ìlà náà sókè ni, kò fi kún dídagẹ̀rẹ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí 5y fi pòórá. Ohun tó kù ni 2xy, ìyẹn 12. Bí mo bá la òkè náà níbi tí y ti jẹ́ 1, 4 ni ǹ bá rí. Láìmọ̀, orí ìlà mìíràn ni mo ti dúró sí!

Ti y rọrùn jù. Di x mú sí 2, f á di 9y, ìlà tó gún gbọọrọ, gẹ̀rẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ 9 níbi gbogbo.

Ohun kan ṣì wà tí mo rò pé mo mọ̀. Mo gbà pé bí mo bá fẹ̀gbẹ́ rìn, láàárín ọ̀nà x àti ọ̀nà y, gẹ̀rẹ́ náà yóò wà láàárín 9 sí 12. Mo dán an wò. f(2.01, 3.01) jẹ́ nǹkan bí 27.2107, àfikún 0.2107, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àròpọ̀ 0.12 àti 0.09. Ṣùgbọ́n ìrìn náà kì í ṣe 0.01 mọ́, 0.01414 ni, torí pé a rìn ní ìhà méjèèjì pọ̀. Pín in, wàá rí nǹkan bí 14.9. Ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ yẹn ga ju méjèèjì lọ.