Ohun tí mo kọ́ nígbà tí ọmọ tó jẹ́ àfín wọ kíláàsì mi

Ọmọkùnrin mi kò tíì pé ọdún mẹ́rin nígbà tó nawọ́ sí ìyá kan nínú dáńfó ní Ìbàdàn, tó sì pariwo pé, "Mọ́mì, ẹ wo ojú wọn!" Iná ti jó ìyá náà rí, àpá rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ọrùn. Mo fi ọwọ́ bo ọmọ náà lẹ́nu, mo lù ú lẹ́yìn, mo sì ń bẹ ìyá náà títí tí gbogbo èrò ọkọ̀ fi yíjú sí wọn. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, ọmọ mi bi mí bóyá ènìyàn burúkú ni ìyá yẹn. Èmi gan-an ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, nítorí lójú ọmọdé, ohun tí ìyá ẹni bá torí rẹ̀ bo ẹni lẹ́nu kò lè jẹ́ ohun tó dára.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí márùn-ún ni wọ́n sì wà lọ́wọ́ mi. Àwọn àgbà wa ní a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Òwe yẹn tọ́ fún àgbàlagbà tó ti mọ ìdí tí òun fi ń pa ẹnu mọ́, ṣùgbọ́n ọmọdé kò mọ ìdí. Ohun tí yóò dì mú nínú rẹ̀ ni pé kí òun má ṣe kà á lójú oníka, nítorí náà yóò dúró di ìgbà tí onítọ̀hún bá kọjá, yóò wá fi ẹ̀rín kà á fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyọṣùtì tí mo ti rí láàárín àwọn ọmọ kékeré, láti inú ọ̀rọ̀ tí a kò jẹ́ kí wọ́n sọ tán ló ti jáde.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn ni wọ́n sọ fún mi pé ọmọkùnrin kan tó jẹ́ àfín ń bọ̀ ní kíláàsì mi. Mo ní kí n rí ìyá rẹ̀ kí ilé-ẹ̀kọ́ tó wọlé. Ohun àkọ́kọ́ tí mo bi wọ́n ni orúkọ tí wọ́n ń pe ohun tó wà lára ọmọ náà nílé. Wọ́n dáhùn pé àfín ni, pé ọmọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, àti pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní òyìnbó. Mo tún bi wọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ yòókù mọ̀, àti ohun tí wọn kò fẹ́ kí a sọ. Ó yà wọ́n lẹ́nu pé a lè béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wọn, nítorí ohun tí àwọn ará àdúgbò máa ń bi wọ́n ni bóyá wọ́n rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan nígbà tí oyún wà nínú wọn.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìgbà tó dé, mo bá kíláàsì sọ̀rọ̀ ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú márùn-ún, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ìyá rẹ̀. Mo ní kí oníkálukú na apá rẹ̀ sí ti ẹni tó jókòó tì í, kí wọ́n wò ó bóyá àwọ̀ wọn bára mu. Kò bára mu, dájúdájú. Mo wá sọ fún wọn pé ara wa ló ń ṣe èròjà kan tó ń fún awọ, irun àti ẹyinjú wa ní àwọ̀ dúdú, pé ara àwọn kan ń ṣe é púpọ̀, ti àwọn kan ń ṣe é níwọ̀nba, ara ẹni tó jẹ́ àfín sì ń ṣe é díẹ̀ gan-an tàbí kí ó má ṣe é rárá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí ọmọ tuntun tó ń bọ̀. Mo dákẹ́ níbẹ̀, mo sì jẹ́ kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀. Bóyá ó ń ràn ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀, mo ní kò ràn. Òmíràn béèrè bóyá ó ń dun ọmọ náà, mo ní àwọ̀ kì í dunni, ṣùgbọ́n oòrùn máa ń tètè jó o, ìdí nìyẹn tí yóò fi máa dé àkẹtẹ̀, tí yóò sì máa wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn. Ọmọbìnrin kan ní ìyá àgbà òun sọ pé àfín kì í jẹ iyọ̀. Mo dá a lóhùn pé ọ̀pọ̀ àgbà ló gbà bẹ́ẹ̀, pé iyọ̀ inú oúnjẹ kò sì ṣe ọmọ náà ní ohun tí kò ṣe àwa yòókù.

Ìyá àgbà kan náà ló tún sọ ìtàn Ọbàtálá fún un, bí òrìṣà ṣe mu ẹmu yó lẹ́nu iṣẹ́, tó sì mọ abuké, arọ àti àfín. N kò lòdì sí ìtàn náà. Bí ẹni tó ń sọ ọ́ bá sọ ọ́ tán, yóò fi kún un pé ẹni òrìṣà ni wọ́n, pé òrìṣà fúnra rẹ̀ ni aláàbò wọn, àti pé ẹni tó bá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ń fi ọwọ́ òrìṣà ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ṣùgbọ́n apá ti ẹmu ni ọmọdé máa ń rántí, èyí tí kíkúrú rẹ̀ jẹ́ pé àṣìṣe ni ọ̀rẹ́ òun. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ìtàn yẹn nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ dé òpin.

Àṣìṣe tèmi dé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Nítorí kí wọ́n má baà fi ọmọ náà ṣe ẹlẹ́yà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín ju bó ṣe yẹ lọ: ẹ wo irun rẹ̀ bó ṣe ń dán, ó dà bí áńgẹ́lì. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo kíláàsì ti ń fọwọ́ kan irun rẹ̀, wọ́n ń fi èékánná tẹ awọ rẹ̀ láti wo bó ṣe ń pọ́n, wọ́n sì ń jà nítorí ẹni tí yóò di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ní ọjọ́ Ẹtì, abẹ́ tábìlì ni mo ti rí i. Kò sí ẹni tó bú u, síbẹ̀ ó ti sú u, nítorí mo ti sọ ọ́ di ohun ìwòran. Mo dẹ́kun ìyìn náà pátápátá. Mo wá fi òfin kan lélẹ̀ fún gbogbo wa, títí kan èmi náà: ara ní ẹni tó ni ín, a ó sì kọ́kọ́ béèrè kí a tó fọwọ́ kàn án, bí onítọ̀hún bá sì ní rárá, ọ̀rọ̀ parí. A fi ọmọbìnrin tó ṣe irun tuntun dánrawò, a sì tún fi ẹ̀gbà ọrùn mi dán an wò, kí ó má baà dà bí òfin tí a ṣe nítorí ẹnì kan ṣoṣo.

Ìṣòro tó tẹ̀lé e wá láti inú èdè wa fúnra rẹ̀. Yorùbá rọrùn púpọ̀ láti fi ẹ̀yà ara sọ ènìyàn lórúkọ: olórí ńlá, eléyín gan-n-gan, olójú jíjìn. Bí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti jáde lẹ́nu, ènìyàn ti kúrò níbẹ̀, ó ku orí àti eyín nìkan. N kò lè sọ pé kí àwọn ọmọ má mẹ́nu kan ara rárá. Ohun tí mo ṣe ni pé mo kọ́ wọn láti fi orúkọ ẹni ṣáájú, kí wọ́n sì bi ara wọn bóyá ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ nílò kí a mẹ́nu kan ara onítọ̀hún. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ẹni tí yóò jókòó sí iwájú pátákó, ó nílò rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tó jẹ́ àfín kì í ríran jìnnà, gíláàsì kì í sì yanjú gbogbo rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ẹni tó jẹ búrẹ́dì ẹlòmíràn, kò nílò rẹ̀. Wọ́n tètè lóye èyí ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹ̀yin àgbà ló máa ń ṣòro fún, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé "ọmọ àfín yẹn" nígbà tí ẹ mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa.

Mo tún ya ohun tí a lè tún ṣe kíákíá sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò ṣeé tún ṣe. Bí ẹ̀bà bá lẹ̀ mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ lẹ́nu, sún mọ́ ọn kí o sọ fún un lóhùn jẹ́jẹ́, yóò nù ún kúrò. Bí ó bá jẹ́ àpá, imú, ìrìn tàbí àwọ̀ ni, kò lè nù ún kúrò, nítorí náà kò sí ohun tí sísọ ọ́ sí i létí yóò ṣe fún un. Bí ó bá ń yà ọ́ lẹ́nu, wá bi Àǹtí tàbí àwọn òbí rẹ. Ìlànà yìí kò bo gbogbo nǹkan o. Ọmọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sín ọmọ náà jẹ, ó ń mi ẹyinjú síhìn-ín sọ́hùn-ún bíi tirẹ̀, láì sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n sín jẹ ni mo kọ́kọ́ lọ, mo bi í bóyá ó fẹ́ kí n bá ẹni tó ń sín in jẹ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo pe èkejì sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ṣàlàyé fún un pé ẹyinjú náà ń lọ tó ń bọ̀ fúnra rẹ̀, pé ẹni tó ni ín kò lè dá a dúró. N kò fi agbára mú un láti tọrọ àforíjì níwájú gbogbo ènìyàn, nítorí ìyẹn ì bá tún sọ ojú ọmọ kan di ìwòran.

Ní oṣù Kẹfà, ọ̀gá wa gbọ́ pé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ya ọjọ́ 13 oṣù náà sọ́tọ̀ láti ọdún 2014 fún ọ̀rọ̀ àwọn àfín, wọ́n sì fẹ́ kí ọmọ náà dúró níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Ìyá rẹ̀ kọ̀, mo sì gbè wọ́n lẹ́yìn. Dípò bẹ́ẹ̀, ọ̀gá wa gbà kí gbogbo ọmọ kíláàsì mi máa dé fìlà bí wọ́n bá ń ṣeré níta.

Ní ti ìta gbangba, ohun tó yẹ kí n ti ṣe nínú dáńfó ọjọ́ yẹn kò ju ìkíni lọ. Nísinsìnyí, bí ọmọ bá pariwo ohun tó rí lára ẹnì kan, mo máa ń fi ohùn tí mo fi ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ dá a lóhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, mo rí wọn. Kí wọn." Yóò kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, onítọ̀hún yóò dáhùn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì máa ń béèrè orúkọ ọmọ náà. Àlàyé yòókù di ilé. N kì í sọ pé kí àlejò náà ṣàlàyé ara rẹ̀, n kì í sì í bẹ̀bẹ̀ títí.

Ẹnì kan ṣì wà tí n kò tíì rí ojútùú tirẹ̀. Ìyá tó ń ta oúnjẹ ní ẹnu ọ̀nà wa ń pe ọmọ náà ní "òyìnbó mi", wọ́n sì máa ń fi ẹran kún tirẹ̀. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ nígbà méjì, wọ́n ní ìfẹ́ ni, ọmọ náà sì máa ń dáhùn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo bi í bóyá ó fẹ́ kí n tún lọ bá wọn. Ó ronú díẹ̀, ó ní òun fẹ́ràn ẹran wọn, ó ní kí n dúró ná.